Ẹ̀gbẹ́ Wo Ni Kí Bàtà Kọ Sí Kámẹ́rà?

Bí ẹ bá fẹ́ kí ayàwòrán ya bàtà aláwọ fún títà, ‘yà á kó dára’ kò tó. Ẹ ní kó yà á ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin: kí imú bàtà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí iwájú àti ìhà kan jọ hàn. Ẹ fi kún un pé kó jìnnà díẹ̀, kó lo lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan súnmọ́. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ bàtà jù, imú rẹ̀ á wú, gìgísẹ̀ á kéré, oníbàárà á sì rò pé bàtà náà wọ́. Fún ojú rírán, ẹ béèrè máákírò, ṣùgbọ́n ẹ sọ ojú rírán tó gbọ́dọ̀ hàn kedere, nítorí ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ ni lẹ́ǹsì yẹn ń mú. Ìyókù á rí bàìbàì.