Àwọn Ajẹ̀wé Inú Àpótí

Kòkòrò mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú páálí àti àpótí tí a ń kó ìwé àti aṣọ sí: ajẹ̀wé aláwọ̀ fàdákà, kòkòrò kékeré tó jọ iná orí, àti aáyán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ti rí ihò lára sátífíkéètì tàbí létí aṣọ, wọn a ní kòkòrò ti jẹ ẹ́, wọn a ju kàfúrà sí i, wọn a sì dé e padà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í tán. Ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọlé yàtọ̀, àmì tí wọ́n ń fi sílẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ àmì wọ̀nyẹn yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe kó tó náwó sórí oògùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ajẹ̀wé aláwọ̀ fàdákà. Gígùn rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lọ. Kò ní ìyẹ́ rárá. Iwájú rẹ̀ fẹ̀, ara rẹ̀ sì ń tín-ín-rín lọ sí ìdí, níbi tí ìrù mẹ́ta tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ti yọ jáde. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ló bò ó lára. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ìpẹ́ náà á lẹ̀ mọ́ yín níka bí ẹ̀tù tó ń dán. Òru ló máa ń jáde. Bí ẹ bá ṣí ìwé lójijì tí ìmọ́lẹ̀ sì bà á, á fì ara sọ́tùn-ún fì í sósì bí ẹja inú omi, á sì wọ inú ẹ̀yìn ìwé lọ kí ẹ tó gbọ́wọ́ sókè. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn ju ti ọ̀pọ̀ kòkòrò ilé lọ, nítorí ó lè lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn tó bá dàgbà tán pàápàá, kò ní ṣíwọ́ bíbọ́ awọ. Nítorí náà, ẹyọ kan tó bá ráyè wọ páálí lè jẹun níbẹ̀ láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn, kó tún bá òjò mìíràn níbẹ̀.

Sítáàṣì ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Ó wà nínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn ìwé, ó wà nínú ohun tí wọ́n fi ń pa ìwé kó lè dán, ó sì wà lára aṣọ tí a pò ní sítáàṣì kí a tó lọ̀ ọ́. Ajẹ̀wé yìí kì í dá ihò róbótó lu ìwé. Ńṣe ló máa ń fi ẹnu ha ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ibẹ̀ á fi fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè síwájú fèrèsé, ẹ ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbi tó ti ha á, etí ibẹ̀ á sì rí gbágungbàgun. Lára aṣọ, ihò kéékèèké tí kò dọ́gba ni yóò wà, pẹ̀lú àbàwọ́n tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nítòsí rẹ̀. Bí ihò bá rí róbótó, tó sì gba inú ojú ìwé púpọ̀ kọjá tààrà, kòkòrò mìíràn ló ṣe é. Bí ẹ bá sì rí yẹ̀pẹ̀, ikán nìyẹn, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ ikán.

Àwọn tó ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Láfún ni a ń sè láti fi ya iṣẹ́ sára aṣọ náà kí a tó rì í sínú aró. Bí a bá ti pa á láró tán, a máa ń ha ẹ̀kọ náà kúrò, ṣùgbọ́n ohun tó bá kù níbi ìdìpọ̀ òwú tàbí nínú ìránlẹ́tí aṣọ, oúnjẹ ni fún ajẹ̀wé. Bí alágbàfọ̀ bá tún wá pò ó ní sítáàṣì kí ó tó wọ àpótí, oúnjẹ ti di méjì. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Aṣọ tí a bá ti fi sítáàṣì tọ́jú, a ti fi oúnjẹ kòkòrò pa mọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi omi lásán ṣan aṣọ náà, ẹ má fi sítáàṣì kàn án, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dé ibi ìrán kí ẹ tó ká a.

Kòkòrò kékeré tó jọ iná orí ni ìkejì. Kì í ṣe iná, kì í sì í jẹ ènìyàn. Kò gùn ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìwé tó ti gbó, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi tètè rí i. Ẹ tẹ́ ìwé dúdú sórí tábìlì, ẹ ṣí ìwé tí ẹ fura sí lé e lórí, ẹ sì fi ọwọ́ lù ú lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ohun tó já bọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹ ti rí i. Nínú ẹ̀yà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé, obìnrin nìkan ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọn kò sì nílò akọ kí wọ́n tó yé ẹyin. Ẹyọ kan ṣoṣo lè kún páálí.

Ohun tó ń jẹ gan-an ni ohun funfun bí ìyẹ̀fun tó máa ń hù lára ìwé tó ti bu. Ìbàjẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́rìí sí ohun tó burú jù ú lọ: ibẹ̀ ti tutù jù. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba omi ara rẹ̀. Níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti lọ sókè ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, á máa pọ̀ sí i. Bí ó bá wá sílẹ̀ ju ìdá 50 lọ tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á gbẹ, á sì kú. Oògùn kankan kò lè ṣe é bí gbígbẹ.

Aáyán kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Èyí tó tóbi, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ló máa ń jẹ ẹ̀yìn ìwé àti gọ́ọ̀mù àpòòwé. Aṣọ tí òógùn tàbí ọbẹ̀ bá wà lára rẹ̀ náà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ àti itọ́ rẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́ ju eyín rẹ̀ lọ: àbàwọ́n dúdú tó fà gbọọrọ, tí kì í fọ̀ mọ́, àti òórùn tí kì í tètè lọ. Ẹ wo igun àpótí dáadáa fún àpò ẹyin rẹ̀, ohun pupa dúdú tó le, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹyin bíi mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ọ̀kan. Bí ẹ bá pa àgbà tí ẹ fi àpò yìí sílẹ̀, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo páálí kan báyìí. Ó wà lábẹ́ ibùsùn nínú ilé kan n'Íbàdàn, orí sìmẹ́ńtì lásán, ó sì fara ti ògiri ilé ìwẹ̀. Ìwé ilẹ̀, sátífíkéètì, ìwé ìṣirò ọjà àtijọ́ àti aṣọ òfì méjì ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i láàárín òjò, àwọn ìwé ìsàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, wọ́n ti bu, àwọn kòkòrò kéékèèké sì ń rìn lórí wọn. Èèpo ìwé ìṣirò tó wà láàárín ti di híha. Lókè pátápátá, àpòòwé ní àbàwọ́n aáyán, àpò ẹyin méjì sì lẹ̀ mọ́ ìdérí. Ẹni tó bá wo òkè nìkan á sáré ra oògùn aáyán. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ á mọ̀ pé omi tó ń gòkè láti inú sìmẹ́ńtì àti ògiri ló pe gbogbo wọn jọ. Páálí fúnra rẹ̀ náà kò mọ́wọ́ kúrò nínú rẹ̀, torí sítáàṣì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, àwọn ihò tó wà láàárín awẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ yàrá fún aáyán.

Ìta ni ẹ ó ti tú irú páálí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tó bá ń sá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá ojú ìwé kọ̀ọ̀kan láti àárín lọ sí etí. Bí ìwé bá bu, ẹ fi nǹkan bo imú. Ẹ fẹ́ wọn sí ibòji tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe inú oòrùn, torí oòrùn ń mú yíǹkì ṣá, ó sì ń mú ìwé ká. Páálí náà kò gbọdọ̀ padà wọlé. Ẹ sun ún. Bí ìwé bá ti gbẹ tán tí ẹ sì ń bẹ̀rù pé kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ó pinpin, kí ẹ sì fi í sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi lè sẹ̀ sára ọ̀rá dípò ara ìwé. Bí iná bá lọ tí fírísà sì yọ́, ẹ tún ọjọ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, rọ́bà onídèérí tó dé pinpin ló dára, bí ohun tí ẹ fẹ́ kó sínú rẹ̀ bá ti gbẹ. Bí ẹ bá dé ìwé tútù mọ́ inú rọ́bà, á bu ju ti páálí lọ. Ẹ gbé rọ́bà náà lé orí búlọ́ọ̀kù tàbí pákó, kí ó sì jìnnà sí ògiri.

Kàfúrà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín. Bí àpótí kò bá dé pinpin, òórùn rẹ̀ á fẹ́ lọ, kòkòrò á sì wà níbẹ̀. Ewu rẹ̀ wá pọ̀ fún ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá ọkùnrin, ni a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí èròjà kan tó ń dáàbò bò ó kò tó nínú rẹ̀. Bí a bá wọ aṣọ tí a fi kàfúrà pa mọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ibà pọ́njú á mú un, èyí sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tàbí kó pa á. Ẹ má ṣe da Sínáípà sínú àpótí aṣọ náà. Májèlé ni, àjọ NAFDAC sì ti fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké láti 2019.

Ìgbà ọyẹ́ ni ilẹ̀ wa fún wa láti ṣe iṣẹ́ yìí. Afẹ́fẹ́ ń gbẹ nígbà náà, ohun tó bu kò ní lè hù sí i, kòkòrò kéékèèké á sì máa kú fúnra wọn. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ ṣí àpótí yín, ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta, ẹ yẹ igun rẹ̀ wò, ẹ fẹ́ ohun inú rẹ̀ sí atẹ́gùn fún ọjọ́ kan, kí ẹ tó kó o padà. Ìwé ilẹ̀ àti sátífíkéètì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.