Oró Onígbáméjì: Níbo Ni Omi Náà Ti Ń Wá?

Onígbáméjì ni àwọn àgbà wa ń pe kọ́lẹ́rà, torí pé igbá méjì ni wọ́n ń gbé ti aláìsàn: ọ̀kan fún èébì, èkejì fún ìgbẹ́. Ẹni tó bá ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí kò ní gbàgbé ohun tó wà nínú igbá kejì. Kò jọ ìgbẹ́ mọ́. Bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì ló rí, kò sì sábà ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Bí àìsàn náà bá le gan-an, ó lè tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Aláìsàn kò mu omi tó tó bẹ́ẹ̀. Níbo wá ni omi náà ti ń wá?

Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ọkùnrin kan tó ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Ṣámbù Nàátì Dé, ará Kàlìkọ́tà ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó sin kòkòrò kọ́lẹ́rà nínú omi oúnjẹ, ó sẹ́ omi náà títí tí kò fi ku kòkòrò kankan nínú rẹ̀, ó sì fà á sínú ìfun ehoro níbi tó ti so ó pa lókè àti nísàlẹ̀. Ìfun náà kún fún omi. Ní ọdún 1959 ló kọ ìròyìn rẹ̀ jáde. Kòkòrò kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ omi ń tú: a jẹ́ pé oró tí kòkòrò náà tú sílẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yà mẹ́fà ni oró yìí ní. Márùn-ún so pọ̀ bí òṣùká, ẹ̀kẹfà jókòó lé e bí ẹrù. Òṣùká náà máa ń di ọ̀rá kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun mú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní GM1. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ a sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Nígbà tó bá dé inú lọ́hùn-ún, ẹrù a já kúrò lórí òṣùká, a sì yọ́ bọ́ sí àárín sẹ́ẹ̀lì.

Aṣọ́bodè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gs. Nígbà tí ara bá fẹ́ kí omi díẹ̀ jáde sínú ìfun kí oúnjẹ lè rọ̀, aṣọ́bodè yìí a dìde, a jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, a sì tún jókòó fúnra rẹ̀. Oró náà a lẹ ègé kékeré kan mọ́ ọn lára, kò sì ní lè jókòó mọ́. Yóò máa mú kí sẹ́ẹ̀lì pèsè ìránṣẹ́ tí wọ́n ń kọ báyìí, cAMP, láìdáwọ́ dúró. Ìránṣẹ́ náà ló ń mú kí ìlẹ̀kùn CFTR ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí kiloráìdì fi ń tú sínú ìfun. Sódíọ̀mù a tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì sì ni iyọ̀. Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ pa ẹja tútù rí mọ̀ pé omi ń tẹ̀lé iyọ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ọ̀nà kan tí ìfun ń gbà fa iyọ̀ padà sínú ara a dí. Lójoojúmọ́, omi tó ń gba inú ìfun kọjá tó lítà mẹ́jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ara ń gbà padà. Ìgbàpadà yẹn ló bàjẹ́ nígbà tí ìtújáde ń pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n oró yìí kò pa sẹ́ẹ̀lì, kò sì dá egbò sí ìfun. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í sí nínú ìgbẹ́ náà, ohun tó sì ń gba ẹ̀mí là nìyẹn, torí ìlẹ̀kùn mìíràn wà tí oró kò lè tì. Ṣúgà àti iyọ̀ ni wọ́n jọ ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò lè wọlé. Omi sì ń bá wọn wọlé. Ní 1971, nígbà ogun Bangiladẹ́ẹ̀ṣì, omi dírìpù tán ní ibùdó àwọn tó sá ogun wá sí Bọ́ńgáọ̀n ní Íńdíà. Dókítà Dílípù Mahalanábísì po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún wọn láti mu. Ikú tó ń pa bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn wá sílẹ̀ dé nǹkan bíi mẹ́rin.

Nílé, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò gogoro àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ ni a ń pò mọ́ lítà kan omi tó ti hó tó sì ti tutù. Ẹ má fi kún ṣúgà rẹ̀: bí ó bá pọ̀ jù, òun náà a máa fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ a sì pọ̀ sí i. Bí aláìsàn bá bì í, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ìyá ń sọ pé omi náà kò ṣiṣẹ́, torí ìgbẹ́ kò dúró. Kò sí ohun tó lè mú un dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí oró ti wọ̀ kò ní gbádùn mọ́ títí tí ìfun yóò fi bọ́ ọ sọnù láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí tuntun yóò sì rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ omi iyọ̀ oníṣúgà ni láti dá ohun tó ń jáde padà. Bí ojú aláìsàn bá ti jìn wọnú, tí awọ ara tí a fà sókè kò tètè padà sípò, tí kò sì tọ̀ mọ́, mímu nìkan kò lè bá a mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún dírìpù, kí ẹ sì máa fún un mu lójú ọ̀nà bí ó bá ṣì lè gbé e mì.