Ọjọ́ Ìbí àti Yíyan Ọmọ sí Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kan bí a ti ń yan àwọn ọmọ wa sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan ń gbé Bódìjà, a bí i ní ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní. Èkejì ń gbé Ṣálẹ́ǹjì, a bí i ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún ni àjọ Fífà fi ń pààlà ọjọ́ orí, nítorí náà ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìdánwò lórí pápá kan ní Ríǹgì Róòdù ní àárín oṣù kejìlá, ọmọ Bódìjà lè kù díẹ̀ kí ó pé ọdún 12, nígbà tí ọmọ Ṣálẹ́ǹjì kò tí ì pé 11.

Olùkọ́ni rí ẹsẹ̀ gígùn àti eré sísá, ó pè é ní ẹ̀bùn. Ó mú ẹni àkọ́kọ́. Ọmọ yìí ń gba ẹ̀kọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń bá àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, títí ó fi mọ̀ ọ́n ju èkejì lọ ní tòótọ́. Èkejì ti gbé bọ́ọ̀lù jù sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé bóyá àwọn ọmọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, oṣù kẹjọ ni wọ́n fi ń pààlà tẹ́lẹ̀. Ní 1997, wọ́n gbé e sí oṣù kìn-ín-ní. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ oṣù kìn-ín-ní ń pọ̀ sí i láàrin àwọn tí a yàn, àwọn ọmọ oṣù kẹjọ sì ń dín kù. Ìlà tí a fà sórí ìwé kò lè gbé ẹ̀bùn kúrò lára ọmọ kan lọ sára òmíràn.

Nínú ìdíje Fífà ti àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, láti 1997 dé 2007, àwọn tí a bí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100. Àwọn ti oṣù mẹ́ta ìkẹyìn jẹ́ 16 péré. Áfíríkà nìkan ni àwọn ọmọ ìparí ọdún ti pọ̀ jù. Kí a má tìtorí èyí yangàn: níbi tí a kò bá ti kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ ní kùtùkùtù, ìwé kò ṣeé gbára lé. Nígbà tí Nàìjíríà gba ìdíje náà lálejò ní 2009, Fífà fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ náà lè tú àṣírí ẹni tí ó ti dàgbà kọjá ààlà, ṣùgbọ́n kò lè fi ọmọ oṣù kìn-ín-ní hàn yàtọ̀ sí ti oṣù kejìlá.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn onímọ̀ dán wò ní Họ́lándì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù tò àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti dàgbà sí. Bí a kàn kọ ọjọ́ ìbí lé àwọn tí ń yan ọmọ lọ́wọ́, ojúsàájú náà kò kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ńbà ń rán wọn létí bí ọmọ ti ń sáré lójú wọn, ó dẹ̀rọ̀. Ìwé orúkọ kíláàsì àti nọ́ńbà ẹ̀wù kò wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní Ìbàdàn. Ẹ tò wọ́n bẹ́ẹ̀ ní ìdánwò tí ń bọ̀, kí ẹ tó lé ọmọ Ṣálẹ́ǹjì lọ sílé.