Iná Tó Ń Yí Po Láìsí Ẹni Tó Ń Tì Í

Nínú ẹ̀rọ ńlá oníhò tí wọ́n ń ti aláìsàn wọ̀ láti ya àwòrán ọpọlọ tàbí eegun ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní MRI, wáyà kan wà tí wọ́n ká yí ihò náà po. Iná inú wáyà yìí máa ń tó ọgọ́rùn-ún ámúpù lọ́nà mélòó kan, òun ló sì ń sọ ọ́ di òòfà. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi iná sí i, wọ́n á so orí wáyà méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì yọ ẹ̀rọ tó ń fún un níná kúrò. Iná náà á máa yí po fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nìóbíọ́ọ̀mù àti títéníọ́ọ̀mù ni wọ́n pò pọ̀ ṣe wáyà náà. Inú híílíọ́ọ̀mù olómi ló wà, ní 4.2 kẹ́líbìn, ìyẹn nǹkan bíi 269 nísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ní òtútù yẹn, wáyà náà kò ní ìdènà kankan sí iná. Ààlà tí ìdènà rẹ̀ ti ń pa rẹ́ wà ní nǹkan bíi 9 kẹ́líbìn, òòfà líle sì máa ń fa ààlà yẹn wálẹ̀. Tó bá gbóná kọjá ibẹ̀, ìdènà á padà.

Nínú wáyà ilé wa, àwọn átọ́ọ̀mù tò lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ooru kì í jẹ́ kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná lọ ń bá gbígbọ̀n wọn pàdé, ó ń yà kúrò lọ́nà, agbára tó sọnù á sì di ooru. Bí irin bá ń tutù, ìdènà á máa dín díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ní 1911, ní Leiden ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, Heike Kamerlingh Onnes àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí i pé ní nǹkan bíi 4.2 kẹ́líbìn, ìdènà mẹ́kúrì já wálẹ̀ lójijì débi pé irinṣẹ́ wọn kò rí nǹkan kan wọ̀n mọ́.

Ó di 1950 kí wọ́n tó rí ojú ọ̀nà láti mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n wọn oríṣi mẹ́kúrì tí ìwúwo átọ́ọ̀mù wọn yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 199.5 ní ààlà ní 4.185 kẹ́líbìn, ti 203.4 wà ní 4.146. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá ló sọ: átọ́ọ̀mù tó wúwo jù kì í yára gbọ̀n, nítorí náà bí átọ́ọ̀mù ṣe ń gbọ̀n wà lára ohun tó ń pa ìdènà rẹ́.

Ní 1957, John Bardeen, Leon Cooper àti Robert Schrieffer ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Nẹ́gétíìfù ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù; àwọn átọ́ọ̀mù irin tí wọ́n ti tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn sílẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan bá ń kọjá, á fa àwọn átọ́ọ̀mù tó wà lọ́nà súnmọ́ra díẹ̀. Átọ́ọ̀mù wúwo, kì í yára. Kó tó sún dé ibi tí wọ́n fà á sí, ẹni tó fà á ti sá lọ jìnnà. Ibi tí wọ́n kó jọ sí á wá jẹ́ pọ́sítíìfù ju àyíká lọ, á sì fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn. Ìpẹ́lẹ́yìn yìí ni gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó ń jẹ́ kí àwọn méjì tó yẹ kí wọ́n máa lé ara wọn so pọ̀ láìsúnmọ́ra.

Ẹyọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í bá èkejì rẹ̀ pín àyè kan náà. Ti àwọn tó so pọ̀ ní méjì-méjì yàtọ̀: gbogbo wọn wọ inú ìrìn kan ṣoṣo. Gbígbọ̀n átọ́ọ̀mù tàbí ìdọ̀tí inú irin kò lè dín eré méjì kan kù lẹ́yìn àwọn yòókù, àfi kó ní agbára tó lè tú ìsopọ̀ wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó iye tí ọlọ́jà dá kò lè gbé ọjà lọ, bó ti wù kó pààrà ìsọ̀ tó. Ní òtútù tó jinlẹ̀ jù lọ, iye yẹn jẹ́ nǹkan bíi ìlọ́po 3.5 agbára ooru tó wà ní ààlà. Ooru ṣì ń tú díẹ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún so pọ̀, inú ìrìn tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i, iye náà ń dín. Ní ààlà, ó di òdo.

Gbígbọ̀n átọ́ọ̀mù tó ń so wọ́n pọ̀ yìí ni ìdí tí ìdènà òjé fi lè pa rẹ́ ní 7.2 kẹ́líbìn, tí bàbà, fàdákà àti wúrà tó ń gbé iná dáadáa ní ilé wa kò rí i ṣe. Gbígbọ̀n átọ́ọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn lọ́wọ́, nítorí náà kò lágbára tó láti so wọ́n pọ̀.

Síbẹ̀, bàbà ni wọ́n fi bo wáyà inú òòfà náà. Bí ibi kékeré kan bá gbóná kọjá ààlà, bóyá torí pé wáyà yẹ̀ díẹ̀, ìdènà á yọ níbẹ̀, ooru á sì ràn dé ibi tó tẹ̀ lé e. Fóltéèjì tó yọ lára wáyà tí kò yẹ kó ní rárá ni àmì àkọ́kọ́. Iná á ya sínú bàbà kí wáyà má bàa jó, híílíọ́ọ̀mù á hó, á fẹ̀ ní nǹkan bíi ìlọ́po 700, á sì gba páìpù ńlá jáde síta. Bí páìpù náà bá dí, híílíọ́ọ̀mù á ya wọ yàrá, á lé ọ́síjìn kúrò níbẹ̀.