Nígbà tí Òógùn Kò Bá Gbẹ Mọ́: Ooru Kàlàbá àti Ẹni tó ń Ṣiṣẹ́ Lójú Oòrùn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó lọ ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà kan ní ìgboro Kàlàbá níhìn-ín, nínú oṣù kẹta, nígbà tí a wà ní ìsinmi. Ìlú Sókótó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Nígbà tí a ní kó rọra ṣe, ẹ̀rín ló fi wá rín. Ó ní kí ni dìgírì 33 ti Kàlàbá fẹ́ fi ẹni tó ti rí dìgírì 42 ṣe?

Ní ọjọ́ kẹta tó débẹ̀, wọ́n ń da kọnkéré. Òjò ti fọ́n díẹ̀ láàárọ̀, oòrùn sì yọ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Iye páànù tí olúkúlùkù bá rù gòkè ni wọ́n fi ń sanwó, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sinmi. Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó sì ṣubú lulẹ̀. Òógùn ṣì ń ṣàn lára rẹ̀ bí omi òjò. Àwọn kan ní ibà ni, wọ́n ní kí wọ́n sáré ra oògùn ibà wá. Ìyá tó ń ta oúnjẹ fún wọn níbẹ̀ ni kò gbà. Ó da garawa omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún da òmíràn, ó sì ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa fi páálí fẹ́ ẹ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá yìí ló gbà á là.

Ìbéèrè tí gbogbo wa ń bi ara wa lẹ́yìn náà ni pé: báwo ni ooru tó kéré ṣe dá ẹni tí ooru ńlá kò dá rí dùbúlẹ̀?

ỌGBỌ́N INÚ ÀMÙ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àmù tí ìyá wa àgbà ń tọ́jú omi sí. Àmù kì í lo iná mànàmáná, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ a máa tutù. Ìdí rẹ̀ ni pé omi ń ru díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ náà jáde, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́. Omi kì í ṣàdédé gbẹ. Ooru ló máa ń gbà kó tó lè fẹ́ lọ, ara àmù ló sì ti ń gba ooru náà. Ohun tí òógùn ń ṣe lára wa gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé kí òógùn jáde ló ń tu ara, bí kò ṣe pé kó gbẹ. Èyí tó bá kán sílẹ̀ láìgbẹ, òfo ni, omi lásán ni a pàdánù.

Ẹ tún rántí pé omi inú àmù a máa tutù dáadáa nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di àkókò òjò, kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù mọ́. Afẹ́fẹ́ dà bí kànìnkànìn. Nígbà ọyẹ́, ó gbẹ, ó sì ń wá omi tí yóò fà. Ní Kàlàbá tí òkun kò jìnnà sí, tí odò yí ká, kànìnkànìn náà ti rin kó tó dé ara wa. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sá aṣọ fún ọjọ́ mẹ́ta láìgbẹ kò nílò ẹlẹ́rìí lórí èyí.

TẸMÓMÍTÀ MÉJÌ

Tẹmómítà lásán kò lè sọ ọ̀rọ̀ kànìnkànìn yìí fún wa, nítorí ooru afẹ́fẹ́ nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń lo méjì. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè wọ láábù lè ṣe é. Ẹ mú tẹmómítà méjì tó bá ara wọn mu. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wé òwú àtùpà tó mọ́ mọ́ ìdí èkejì, kí ẹ fi omi tó ti wà nínú yàrá rin ín. Ẹ gbé méjèèjì sí ibòji, kí ẹ máa fi ìwé fẹ́ wọn. Ìwọ̀n èyí tó ní òwú yóò máa wálẹ̀, nítorí omi ara òwú ń gbẹ, ó sì ń gba ooru lọ. Nígbà tí kò bá lè wálẹ̀ mọ́, ẹ tètè kà á. Òun ni a óò máa pè ní ìwọ̀n òwú tútù.

Èdè wa tilẹ̀ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ tí omi bá wà lára rẹ̀, a ní ó tutù. Ohun tí kò bá gbóná, a ní ó tutù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe méjèèjì. Ìwọ̀n òwú tútù ń sọ ibi tí ohun tó rin lè tutù dé nínú afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí bí òógùn ṣe lè tu awọ ara wa kọjá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìlú méjèèjì wéra. Ní ọ̀sán oṣù kẹrin ní Sókótó, bí afẹ́fẹ́ bá wà ní dìgírì 42, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 10 nínú 100, òwú tútù yóò wálẹ̀ dé nǹkan bíi dìgírì 20. Ní Kàlàbá lẹ́yìn òjò, bí afẹ́fẹ́ bá wà ní dìgírì 33, tí ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 75 nínú 100, òwú tútù kò ní kọjá nǹkan bíi dìgírì 29 sísàlẹ̀. Nítorí náà, ooru tí ọmọ wa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ló fi dìgírì 9 ju ti ìlú rẹ̀ lọ ní ọ̀nà tí ara fi ń mọ̀ ọ́n. A kò ní Sókótó kò léwu o. Níbẹ̀, òógùn a máa gbẹ kí ènìyàn tó rí i, omi ara a sì tán láìfura. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí omi mu níbẹ̀ ṣì ní ọ̀nà láti tutù. Ní Kàlàbá, èèyàn lè mu omi yó kí ọ̀nà náà sì dí.

ÌṢIRÒ ARA LÉBÌRÀ

Ẹni tó ń ru kọnkéré gòkè ń dá ooru tó tó wáàtì 400 sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, bí ìgbà tí gílóòbù oníwáàtì 100 mẹ́rin bá ń jó nínú rẹ̀. Lítà omi kan tó bá gbẹ lára ènìyàn a máa gbé nǹkan bíi kílójúùlù 2,400 lọ. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí òógùn tó tó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá lítà kan gbẹ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ara rẹ̀ tó lè dúró sí dìgírì 37.

Ká wá sọ pé afẹ́fẹ́ ti rin débi pé ìdajì ooru náà nìkan ló rí ọ̀nà lọ. Wáàtì 200 yóò kù sínú ara. Fún ẹni tó wúwo tó kílógíráàmù 70, èyí yóò gbé ooru ara rẹ̀ sókè ní nǹkan bíi dìgírì 3 láàárín wákàtí kan. Dìgírì 37 á di 40, ibẹ̀ sì ni ọpọlọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ẹ kò rí i pé kò gba odindi ọjọ́?

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ méjì, Ṣáwúùdù àti Húbà, sọ pé bí ìwọ̀n òwú tútù bá dé dìgírì 35, kò sí ènìyàn tó lè yè é fún wákàtí púpọ̀, bó tilẹ̀ jókòó sí ibòji tí omi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí kan ní Pẹnsilféníà ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ náà wò lára àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn dá, wọ́n kéde ní ọdún 2022 pé nínú afẹ́fẹ́ tó rin, nǹkan bíi dìgírì 31 ni ara ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáwọ́. Iṣẹ́ díẹ̀ báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ yẹn sì ń ṣe, kò sẹ́ni tó ru páànù kọnkéré. Ti lébìrà gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Oòrùn fúnra rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun orí omi Amẹ́ríkà tó ń gba ẹ̀kọ́ ní Páríìsì Áílándì ni ooru ń dá dùbúlẹ̀ tí wọ́n fi wá ìwọ̀n mìíràn, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1957. Wọ́n ń mú ìdá 7 nínú 10 láti ara òwú tútù tó wà ní gbangba, ìdá 2 láti ara tẹmómítà tó wà nínú bọ́ọ̀lù bàbà dúdú tí oòrùn ń pa, àti ìdá 1 láti ara afẹ́fẹ́. Bí òwú bá jẹ́ 30 nínú oòrùn, tí bọ́ọ̀lù jẹ́ 45, tí afẹ́fẹ́ jẹ́ 33, a ó rí 21, 9 àti 3.3, èyí tó jẹ́ 33.3 lápapọ̀. Ìlànà ISO 7243 sì fi 26 ṣe ààlà fún iṣẹ́ agbára, àní fún ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ ooru. Ẹni tó jókòó lásán, 33 ni tirẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń da kọnkéré kọjá ààlà ẹni tó jókòó!

OHUN TÓ YẸ KÍ A MỌ̀

Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ooru yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò yéni, tó ń bínú láìnídìí, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má ṣe dúró pé kí òógùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ. Òógùn lè máa ṣàn síbẹ̀. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Bí ọpọ́n ńlá tàbí yìnyín bá wà, ó dára jù. Ẹ kọ́kọ́ tu ara rẹ̀ ná, kí ẹ tó gbé e lọ, nítorí ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ló ń pinnu. Oògùn ibà àti parasitámọ̀ kò lè mú irú ooru yìí wálẹ̀. Ẹ má sì da omi sí ẹnu ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

Ní ti ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ara fi ń mọ ooru, ìmọ̀ náà a sì máa lọ bí a bá fi í sílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti ìwé fún oṣù mẹ́ta, àlejò ni lójú oòrùn, ibi yòówù kó ti wá. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé ní Amẹ́ríkà ni pé kí ẹni tuntun ṣe ìdá 20 nínú 100 iṣẹ́ náà ní ọjọ́ kìíní, kí ó máa fi ìdá 20 kún un lójoojúmọ́. Ẹni tí wọ́n ń fi páànù kà owó fún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ pé kí ẹ bá ẹni tó gbà yín síṣẹ́ dúnàádúrà owó ojúmọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì máa lọ ní méjì-méjì, nítorí ẹni tí ooru bá ti dà lọ́pọlọ rú kì í mọ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọmọ wa ti padà sí kíláàsì. Òun ló ń ka tẹmómítà olówùú fún wa báyìí.