Agbára Mẹ́ta Lójú Ìwé Kan

Nínú ìwé físíìsì àwọn ọmọ sẹ́kọ́ndírì àgbà, orí kan wà tó máa ń fa wàhálà fún ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀: orí tó dá lórí fóòsì, énájì àti páwà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lásán nínú ilé, "agbára" la máa ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá sáré túmọ̀ ojú ìwé yẹn yóò kọ ọ́ pé a fi agbára lo agbára kí agbára tó jáde, ọmọ yóò sì rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yà ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Kò síná lọ́dọ̀ wọn, tọ́ọ̀ṣì ló fi yà á. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà ti sọ àárín ìwé di funfun báláú, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti gán ìwé pọ̀ sì ti tẹ̀ wọnú. Àwọn ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé kà. Ohun tó ń kó èèyàn sí wàhálà ni àwọn nọ́ńbà kékeré tó máa ń jókòó sókè. Níbi tí ìwé ti kọ 2.5 × 10³ J, 2.5 × 103 J ni mo rí nínú fọ́tò. Èkíní jẹ́ 2,500, èkejì jẹ́ 257.5, ọ̀nà wọn jìn síra. Bí mo ṣe mọ èyí tó tọ̀nà ni pé mo gbé bírò, mo ṣe ìṣirò àpẹẹrẹ náà fúnra mi kí n tó túmọ̀ ohunkóhun. Bí ìdáhùn bá kọ̀ láti bá tìwé mu, fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mo ní kó dúró di ọ̀sán, kó tẹ́ ìwé náà sẹ́bàá fèrèsé, kó gbé fóònù ka òkè rẹ̀ gan-an, kó sì ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Nígbà tó kàn mí láti túmọ̀, mo pín ọ̀rọ̀ náà báyìí. Fóòsì ni mo pè ní ipá, nítorí títì tàbí fífà ni. Énájì ni mo fi agbára sílẹ̀ fún: ohun tó wà lára nǹkan tó fi lè ṣiṣẹ́. Páwà kò ní orúkọ kúkúrú tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo kàn kọ ọ́ pé "bí iṣẹ́ ṣe yá sí". Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí ọmọ yóò ṣe pò ó pọ̀ mọ́ èkejì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ìdánwò, nítorí náà mo ní kó kọ orúkọ tó wà nínú ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Kànga ni mo fi là á yé e. Ká ní korobá àti omi inú rẹ̀ jẹ́ kílò 10. Ìwé ní ká fi 10 ṣe iye tí ilẹ̀ fi ń fa kílò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ipá tó máa gbé e jẹ́ níútìn 100. Kànga náà jìn tó mítà 6. Ipá lọ́nà ìjìnnà ni iṣẹ́:

```
W = F × d = 100 N × 6 m = 600 J
P = W / t = 600 J / 12 s = 50 W
```

Bí Kúnlé bá fa omi náà jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 12, wáàtì 50 ni páwà rẹ̀. Bí àbúrò rẹ̀ bá fi 24 fà á, wáàtì 25 ni tirẹ̀. Ipá kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni, júùlù 600 ni àwọn méjèèjì ṣe. Kìkì bó ṣe yá ló yàtọ̀. A ò ka ìwúwo okùn mọ́ ọn o.

Ẹ tún wo lẹ́tà W tó fara hàn níbi méjì. Èyí tó ṣáájú dúró fún iṣẹ́, tìwé sì máa ń tẹ̀ ẹ́ ní dídagun; èyí tó tẹ̀lé 50 jẹ́ wáàtì, ó sì dúró ṣánṣán. Nínú fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn a pòórá. Ohun tí mo sọ fún un ni pé lẹ́tà tó bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà, òṣùwọ̀n ni. Mi ò túmọ̀ lẹ́tà kankan, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ìbéèrè tó bi mí lẹ́yìn náà ló dùn mọ́ mi jù. Ó ní, "Àǹtí, ìwé yìí sọ pé ẹni tó ru ẹrù tó ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò ṣiṣẹ́ kankan lórí ẹrù náà. Ṣé kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún alábàárù?"

Mo ní kó má dán an wò. Iṣẹ́ inú físíìsì kì í ṣe làálàá. Apá ìrìn tó bá bá ipá lọ síbì kan náà nìkan ni wọ́n ń kà. Bí alábàárù bá gbé ẹrù kílò 30 láti ilẹ̀ dé orí, mítà 1.5, ó ti ṣe júùlù 450. Láti ìgbà náà, ipá rẹ̀ ń ti ẹrù sókè, òun sì ń lọ síwájú, nítorí náà bó ṣe ń rìn geere, kò sí ohun tó ń kún un. Bó bá gun àtẹ̀gùn, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ti òógùn tó ń là, iṣan ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yé fún pọ̀ kí ẹrù má bàa já bọ́, wọ́n sì ń jẹ agbára tó ti inú oúnjẹ wá. Agbára náà ò dé ara ẹrù. Ooru ló dà, ara rẹ̀ ló sì gbà jáde.