Atọ́kùn, Ìgbà Wo Lo Máa Dákẹ́?

Sáà kejì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé nílẹ̀ Yorùbá máa ń ṣe íńtá-háòsì, nígbà tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ba pápá jẹ́. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á fa ìlà, wọ́n á háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á wá tíṣà kan tí ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á sì fa máíkì lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Ó gbà pé bí òun bá ti rí èrò, ọ̀rọ̀ á máa wá. Ọ̀rọ̀ á wá lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ tó yẹ kó ti wà lójú ìlà á ṣì wà nídìí áísìkirimù.

Ìwé atọ́kùn kò wà fún àpárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mú ọmọ dé ibi tó yẹ lásìkò, kó pa ariwo, kó sì kéde èsì tí a kò ní pààrọ̀ tó bá yá. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ètò kò le: àdúrà, orin orílẹ̀-èdè (èyí tí ìjọba dá padà ní 2024 ni o, kì í ṣe èyí tí àwa tá a kàwé láyé ìjọba ológun há sórí), ìkíni alága, ìyíde. Lọ béèrè orúkọ àti oyè àlejò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó tẹ̀ lé e wá, kọ ọ́ sílẹ̀ tàmì-tàmì, kó o sì kọjá. Eré relé la fi ń mọ atọ́kùn tó gbóná.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé mẹ́rin: Ilé Pupa, Ilé Búlúù, Ilé Gíríìnì àti Ilé Yẹ́lò. Eré tó kàn ni relé àwọn ọmọbìnrin àgbà, ọmọ mẹ́rin nílé kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú sá 100 mítà. Ọmọ mẹ́rìndínlógún nìyẹn, wọn kò sì ní dúró síbì kan náà. Mẹ́rin máa wà níbi ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin sì máa wà ní ibi mẹ́ta tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọnù, gbogbo pápá á máa dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí ìpè fi gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta, kí a sì kọ ìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Èmi á fi ìpè kìíní sí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú eré, ìkejì sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìkẹta sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí a ṣe máa kọ ọ́ rèé:

“Ìpè kìíní. Relé àwọn ọmọbìnrin àgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sáré fún Ilé Pupa, Ilé Búlúù, Ilé Gíríìnì àti Ilé Yẹ́lò, ẹ máa bọ̀ nídìí tábìlì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Abẹ́ igi máńgòrò. Ìpè kìíní nìyẹn.”

Ẹ wò ó pé a pe ibi tí wọ́n ń lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ariwo tó wà lórí pápá á ti gbé ọ̀kan lọ. Ìpè kẹta ló máa sọ pé ilé tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé kò ní sáré, tíṣà tó wà nídìí tábìlì sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Bí wọ́n bá fi lè dúró de ilé kan lẹ́ẹ̀kan péré, kò sẹ́ni tó máa ka ìpè sí mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí wọ́n bá ti wà lójú ìlà, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: kí ló dé tí ọmọ Ilé Yẹ́lò fi wà níwájú àwọn yòókù? Lórí pápá tí yíyípo rẹ̀ jẹ́ 400 mítà, ọmọ tó wà lójú ìlà kẹrin máa fi bíi 22 mítà ṣíwájú ẹni tó wà lójú ìlà kìíní, torí pé ìta ni yóò máa gbà yí, ọ̀nà ìta sì gùn ju ti inú lọ. Kọ gbólóhùn kan péré sínú ìwé láti fi ṣàlàyé èyí. Yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá tó ń fò fẹ̀rẹ̀ wọ inú pápá.

Lẹ́yìn náà, fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà: DÁKẸ́. Bí ẹni tó máa dá eré sílẹ̀ bá ti fọn fèrè, atọ́kùn á ní “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ fún wọn,” á pa máíkì, ẹni tó ń lu orin á pa tirẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ni kò ní ìbọn. Fèrè tàbí pákó méjì tí wọ́n ń gbá pọ̀ ni wọ́n ń lò, ọmọ tó wà lójú ìlà kẹrin yẹn ló sì jìnnà sí i jù. Tí atọ́kùn bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọ náà á gbọ́ lẹ́yìn tí àwọn tó kù ti ṣí. Kódà bí Kábíyèsí bá wọlé lásìkò yẹn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré tán ná. Kì í ju bí ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ ó sì wá fi gbogbo ẹnu kí Kábíyèsí.

Bí eré bá ti ń lọ, atọ́kùn lè máa sọ ẹni tó wà níwájú. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ ni pé ilé báyìí ti borí. Ká ní Ilé Pupa ló kọ́kọ́ já okùn, Ilé Gíríìnì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ilé Búlúù, Ilé Yẹ́lò sì gbẹ̀yìn. Gbogbo ènìyàn rí i. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti gba ọ̀pá kẹta, rẹfirí kan ti gbé àsíá yẹ́lò sókè: ọmọ Ilé Pupa ti kọjá ìlà kí ọ̀pá tó dé ọwọ́ rẹ̀. Atọ́kùn tó wà lábẹ́ kánópì kò lè rí àsíá yẹn. Gbólóhùn tó yẹ kó wà nínú ìwé rẹ̀ ni “Eré ti parí, a ń retí èsì látọ̀dọ̀ àwọn adájọ́,” kó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí ìwé tí olórí adájọ́ fọwọ́ sí yóò fi dé.

Ẹ wo ohun tí àsíá yẹn lè ṣe. Ká sọ pé ṣáájú eré yìí, Ilé Pupa ní máàkì 64, Ilé Búlúù 61, Ilé Gíríìnì 58, Ilé Yẹ́lò 49. Ilé ìwé ló ń pinnu bí máàkì ṣe máa jẹ́. Ká ní relé ń mú 10, 6, 4 àti 2 wá. Bí ojú ṣe rí i, Ilé Pupa á di 74, ife ẹ̀yẹ sì ti wọlé. Bí àwọn adájọ́ ṣe kọ ọ́, Ilé Pupa kò rí nǹkan kan gbà, 64 ló ṣì wà. Ilé Gíríìnì gba 10, ó di 68. Ilé Búlúù gba 6, ó di 67. Ilé Yẹ́lò gba 4, ó di 53. Ẹni tó wà ní ipò kìíní ti bọ́ sí ipò kẹta. Bí atọ́kùn bá ti kígbe “Pupa!” tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ Ilé Pupa ti gbé ara wọn sọ́rùn yí pápá ká, ta ni yóò lọ sọ fún wọn?

Èsì gan-an, láti ipò tó kẹ́yìn lọ sí ti àkọ́kọ́ ni kó kà á, orúkọ ilé ṣáájú, máàkì tẹ̀ lé e. Bí adájọ́ bá yọ ilé kan, kó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, láìdárúkọ ọmọ: “Ilé Pupa gba ọ̀pá kọjá ìlà, wọn kò ní máàkì.” Kó tó fi ìwé náà sílẹ̀, kó wo aago, kó sì kọ àkókò tó kéde rẹ̀ sí i lára. Nínú òfin eré ìje àgbáyé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìkéde ni ẹni tí èsì kò tẹ́ lọ́rùn fi lè fẹ̀sùn kàn án. Bí ilé ìwé yín bá ń tẹ̀ lé òfin yìí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ife ẹ̀yẹ kí àkókò yẹn tó pé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á ti to ètò rẹ̀ dáadáa: eré àwọn òbí, eré àwọn tíṣà, eré àwọn tó ti jáde nílé ìwé náà, gbogbo èyí tí kò ní máàkì, ẹ̀yìn relé ló máa fi wọ́n sí. Nígbà tí àwọn ìyá bá fi máa ká ìró sókè sáré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á ti pé.